Ìbéèrè ègún àlùmọ́ọ́nì: bí mo ṣe já a nígbà àkọ́kọ́, àti ohun tí mo yí padà nígbà kejì

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ eléyìí sílẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń ka ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe dáhùn ìbéèrè ègún àlùmọ́ọ́nì yẹn?", mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lórí fóònù, kò tíì dé ibi tó ṣe kókó tí káàdì fi tán, mo ní kó fi mí sílẹ̀ màá jókòó kọ ọ́.

Tíṣà ni mí ní Ìyàrá, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, mo wá ń ka digíríì mọ́ iṣẹ́, ìyẹn ni pé òru ni mo fi ń kàwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Pépà tí mò ń sọ yìí, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fún wa, ìbéèrè 6 ni wọ́n gbé wá, ká mú 4 níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 25. Tí ẹ bá pín in dáadáa, ìṣẹ́jú 45 ló kan ìbéèrè kan, kò sí ìṣẹ́jú tó ṣẹ́ kù. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́ o, àmọ́ èdè wa ni màá fi sọ ọ́ níbí. Ohun tí ìbéèrè náà sọ ni pé: ohun àlùmọ́ọ́nì, ègún ló jẹ́ fún orílẹ̀-èdè tó ní in ju ìbùkún lọ, sọ èrò rẹ, gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ta kò ọ́ yẹ̀ wò, kí o sì fún wọn lésì.

Nígbà tí mo rí i, inú mi dùn. Mo ní ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Kogí kò gbọ́dọ̀ já eléyìí. Irin wà ní Itakpe, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà ní Ọ̀bàjànà, àwọn ènìyàn ń wa góòlù ní ilẹ̀ Yàgbà, Àjàòkúta wà níbẹ̀ tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1979 tí kò tíì mú irin jáde bí wọ́n ṣe sọ pé yóò mú un jáde, ọ̀rọ̀ yìí ń dun èmi gan-an ní tèmi, mo ti rí ọ̀nà wa, mo ti rí ilé ìwòsàn wa. Mo tẹ bírò mọ́ ìwé. Ìgbà tí mo máa wo aago, ìṣẹ́jú 38 ti lọ, mi ò tíì mẹ́nu kan alátakò kankan. Mo wá sáré kọ gbólóhùn méjì pé àwọn kan sọ pé Nọ́wè àti Bòtswánà ní àlùmọ́ọ́nì tí wọn ò sì tòṣì, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kì í ṣe Nọ́wè, àwọn olórí tiwa ni wọ́n burú. Mo fa ìlà sí i, mo kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Máàkì 9 nínú 25. Bí wọ́n ṣe dá ìwé náà padà fún wa láti wò, lẹ́kítúrà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ta lò ń bá jà, mi ò rí i. Pépà náà di káríóbà fún mi.

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Mo gbé ìwé náà lọ bá ẹ̀gbọ́n kan ní Kàbà, tíṣà ìjọba tó ti rẹtáyà, tó máa ń bá wọn parí ìjà láàárín àdúgbò. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, wọ́n ní kí n ka ibi tí mo ti dá alátakò lóhùn fún àwọn létí. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá ní:

"Ìyá Tọ́lá, o ti gbà fún un nìyẹn."

Mo ní báwo, sà?

"Kí lo sọ nínú gbogbo ewé tó ṣáájú? O ní àlùmọ́ọ́nì ló ń ba ìlú jẹ́. Ẹni yìí ní rárá, wo Bòtswánà. Ìwọ wá dá a lóhùn pé àwọn olórí wa ló burú. Ṣé àlùmọ́ọ́nì ló wá burú ni àbí olórí? Tó bá jẹ́ olórí, a jẹ́ pé òun ló jàre, kò sí ègún kankan nínú ilẹ̀."

Mo dákẹ́. Mo wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Òótọ́ ni, gbólóhùn tí mo pè ní èsì yẹn ló wó gbogbo ohun tí mo ti fi ìṣẹ́jú 38 kọ́. Àti pé tí ẹ bá wò ó, ọ̀pọ̀ wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí "olórí wa burú" ni ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ wa lẹ́nu jù, ó sì dún bí òótọ́, àmọ́ nínú àròkọ yìí ọ̀tá ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ̀gbọ́n ní tí àwọn bá ń gbọ́ ẹjọ́, ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, àwọn á kọ́kọ́ ní kó sọ ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ máa sọ tó bá dé, kó sọ ọ́ bí ẹni yẹn ṣe máa sọ ọ́ gan-an. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ohun tí mo gbé kúrò ní Kàbà lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo wá padà sídìí ìwé mi pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe ni ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi fẹ́ dúró lé. Kí n tó ṣe é, mo ní láti yọ Àjàòkúta àti Itakpe kúrò níbi tí mo gbé wọn sí, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó. Ègún tí àwọn onímọ̀ ń sọ yìí, Richard Auty ló fún un lórúkọ ní 1993, owó ló ń bá rìn. Owó ńlá tó ń wọlé láti inú ilẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Irin tó ṣì wà nínú ilẹ̀ ní Itakpe tí kò mú owó gidi wá fún ìjọba, báwo ló ṣe máa gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni? Àjàòkúta ṣeé lò o, àmọ́ bí àpẹẹrẹ ohun tí owó epo rọ̀bì ṣe: owó epo ń ya wọlé, ìjọba ń dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá tí wọn ò lè parí. Epo ni ẹlẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe irin. Ẹni tó bá kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, ẹni tó ń máàkì á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

Ohun tí mo wá dúró lé nígbà kejì rèé: àlùmọ́ọ́nì kì í ṣe ègún níbi gbogbo, àmọ́ níbi tí owó rẹ̀ bá ti ya dé ṣáájú kí ìlú tó ní òfin tó ń dè é, ó máa ń pa iṣẹ́ mìíràn, ó sì máa ń jẹ́ kí ìjọba lè jẹun láì béèrè owó orí lọ́wọ́ ará ìlú. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ "níbi tí" yẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo fi dá Bòtswánà lóhùn kí ó tó dé. Tí mo bá ti kọ pé ègún ni níbi gbogbo, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tó ṣe dáadáa ti pa mí.

Mo mú ọ̀nà kan ṣoṣo láti fi hàn bí owó epo ṣe ń pa iṣẹ́ mìíràn, mo sì fún un láyè dáadáa dípò kí n to márùn-ún jọ. Àrùn àwọn ará Họ́láńdì ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n rí gáàsì ńlá ní Groningen ní 1959, nígbà tó yá àwọn ilé iṣẹ́ wọn tó ń tajà sókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan ló fún un lórúkọ yẹn ní 1977. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Dọ́là epo wọlé, owó ìlú á lágbára. Ní 1980, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 55 ni dọ́là kan. Ká ní àgbẹ̀ ní kòkó tí ayé máa ra ní 1,000 dọ́là. Ní iye yẹn, náírà 550 péré ló máa dà nígbà tó bá dé ilé. Àmọ́ ẹni tó ń bá a ro oko, náírà ló ń gbà, owó tó sì ń béèrè ń gòkè torí iṣẹ́ kọngílá pọ̀ ní ìlú ńlá. Kí ni àgbẹ̀ máa fi san án?

Ibí ni bàbá mi ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní oko kòkó ní Ìyàmoyè, kọfí díẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé láyé owó epo, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ tán, àwọn kan gba Kàdúná, àwọn kan gba Èkó, kò sí ẹni tí yóò bá èèyàn ro ìdí kòkó, ẹni tó bá sì wà, owó tó máa pè á ju ohun tí kòkó náà máa mú wá lọ. Wọ́n fi oko náà sílẹ̀ fún igbó. Mi ò kọ bàbá mi sínú àròkọ o, ìtàn ilé ẹni kì í ṣe ẹ̀rí nínú ìdánwò. Àmọ́ òun ló jẹ́ kí n rántí bí nǹkan náà ṣe ń tẹ̀lé ara wọn láì ní há a sórí, mi ò tún ṣàṣìṣe nípa èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e mọ́.

Ó kan alátakò báyìí, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí àbúrò mi kà dáadáa.

Alátakò méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó rọrùn àti èyí tó le. Èyí tó rọrùn ni gbogbo ènìyàn ń kọ: Nọ́wè, Bòtswánà. Èyí tó le, ọ̀pọ̀ kì í dé ibẹ̀, òun ló sì ní máàkì. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀. Ní 1995, Jeffrey Sachs àti Andrew Warner gbé ìwádìí kan jáde tó sọ ọ̀rọ̀ ègún yìí di ńlá. Wọ́n wo orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n rí i pé àwọn tí àlùmọ́ọ́nì pọ̀ nínú ọjà wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọrọ̀ ajé wọn kò dàgbà tó ti àwọn yòókù ní ogún ọdún tó tẹ̀lé e. Báwo ni wọ́n ṣe wọn "pọ̀"? Wọ́n mú iye àlùmọ́ọ́nì tí ìlú tà sókè òkun, wọ́n fi iye gbogbo ohun tí ìlú ń pèsè pín in.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Brunnschweiler àti Bulte, ní ẹ dúró ná. Kí n fi ilé méjì ṣe é. Ilé àkọ́kọ́ ta iṣu 100,000 náírà, àwọn ọmọ ilé náà sì ń ṣiṣẹ́, wọ́n mú 900,000 wá. Iṣu jẹ́ ìdá mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún owó wọn. Ilé kejì ta iṣu 100,000 náírà kan náà, àmọ́ bàbá ń ṣàìsàn, ọmọ kò ríṣẹ́, 25,000 péré ni nǹkan mìíràn mú wá. Iṣu wá jẹ́ ọgọ́rin lórí ọgọ́rùn-ún. Tí ẹnì kan bá wá sọ pé ilé kejì tòṣì torí pé iṣu pọ̀ jù nínú owó wọn, ṣé ẹ ò ní rẹ́rìn-ín? Iṣu àwọn méjèèjì dọ́gba. Òṣì ló jẹ́ kí iṣu dà bí ẹni tó pọ̀, kì í ṣe iṣu ló mú òṣì wá. Ohun tí alátakò yìí ń sọ nìyẹn: orílẹ̀-èdè tí ogun àti ìjọba burúkú ti bà jẹ́, kò sí ilé iṣẹ́ tó máa dúró níbẹ̀, epo tàbí dáyámọ́ńdì nìkan ló máa ṣẹ́ kù, ẹ wá ń di ẹ̀bi rù ú. Nígbà tí wọ́n wọn ọrọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ gan-an dípò ìpín rẹ̀ nínú ọjà, wọn ò rí ègún náà mọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé mi, ẹ̀rù bà mí, torí mo rò pé ó jàre. Àmì tó dára nìyẹn, mo wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ alátakò tí kò sì bà yín lẹ́rù rárá, tí ẹ lè fi gbólóhùn kan fọ́ ọ, ẹ ò tíì rí alátakò náà. Mo máa ń fi ọwọ́ bo èsì mi nínú ìwé, màá ka ti alátakò nìkan, màá bi ara mi pé bí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bá jókòó síbí, ṣé á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Èsì ńkọ́? Ohun tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ni láti sọ pé ìwọ̀n Sachs àti Warner dára. Kò dára, kí ẹnikẹ́ni má fi àkókò ìdánwò gbèjà rẹ̀. Ẹ gbà fún un. Mo kọ ọ́ gbangba pé lórí ìwọ̀n, òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà ni mo kúrò lórí ìwọ̀n yẹn pátápátá, mo lọ mú ẹ̀rí tí kò nílò rẹ̀. Ẹ̀rí wo? Orílẹ̀-èdè kan náà, ṣáájú àti lẹ́yìn. Tí mo bá wo Nàìjíríà nìkan, mi ò fi ìlú olówó wé ìlú tálákà mọ́, kò sí ilé méjì.

Bó ṣe lọ rèé. Láàárín 1973 sí 1974, owó epo rọ̀bì lágbàáyé gòkè láti nǹkan bíi dọ́là 3 sí nǹkan bíi 12 fún àgbá kan, nítorí ogun àti ìpinnu àwọn ìlú Lárúbáwá. Òṣì Nàìjíríà kọ́ ló fà á, ìjọba burúkú wa kọ́ ló fà á, láti ìta ló ti wá. Ibi tí alátakò ti lè sọ pé òṣì ló ṣáájú ti dí pa nìyẹn. Kí ló tẹ̀lé e? Epo kọjá 90 lórí ọgọ́rùn-ún ohun tí à ń tà sókè òkun. Kòkó tó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún tọ́ọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní àárín àwọn ọdún 1980 kò tó ìdajì rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ibi tó wá dùn jù nínú ẹ̀rí yìí ni ìgbà tí owó epo já. Ní 1986 ìjọba jẹ́ kí náírà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún tú àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká. Ní 1987, nǹkan bíi náírà 4 ni dọ́là kan. Kòkó 1,000 dọ́là tó ń di náírà 550 tẹ́lẹ̀ ti di 4,000. Kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í padà gòkè. Ilẹ̀ kan náà, àgbẹ̀ kan náà. Tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ò mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe ju epo lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kí ló dé tí iṣẹ́ náà kú nígbà tí dọ́là epo wọlé, tó sì jí nígbà tí ó kúrò?

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n tú ká ní 1986 yẹn, kò jẹ́ kí àgbẹ̀ gba iye tí ayé ń ra kòkó, òun náà dá kún un, kì í ṣe náírà nìkan. Igi kòkó tó ti gbó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀, mo ní epo nìkan kọ́ ló pa kòkó, àmọ́ owó epo ló jẹ́ kí ìjọba lè fi àgbẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láì ní pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó ń máàkì mọ̀ nípa bọ́ọ̀dù, tí ẹ bá fi pamọ́ á rò pé ẹ ò mọ̀.

Nítorí ìdí yìí kan náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín kí ẹ fi ẹ̀pà Kánò sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́, òkìtì ẹ̀pà, òkìtì ẹ̀pà. Ọ̀dá ńlá mú òkè ọya ní 1972 sí 1974, kòkòrò àìsàn kan sì jẹ ẹ̀pà run ní 1975. Ẹni tó bá fi ẹ̀pà ṣe ẹ̀rí ti fún alátakò ní ohun tó máa fi lù ú: kì í ṣe epo, òjò ni. Èmi náà kọ ẹ̀pà nígbà àkọ́kọ́, àmì ìbéèrè pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí mo fi kà á fúnra mi.

Bòtswánà, mo fi gbólóhùn mẹ́rin péré ṣe é, torí ọ̀rọ̀ tí mo dúró lé ti gbà á wọlé tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba òmìnira ní 1966, wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa ní 1967, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi òfin sọ àlùmọ́ọ́nì di ti gbogbo ìlú, kì í ṣe ti ẹ̀yà tó ni ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ àwọn ènìyàn Ààrẹ Seretse Khama fúnra rẹ̀ ni Orapa wà. Ìyẹn ni pé ohun tó ń de owó náà ti wà nílẹ̀ kí owó tó pọ̀. Àti síbẹ̀, wọn ò bọ́ tán: dáyámọ́ńdì ṣì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà, nígbà tí ọjà rẹ̀ kú, ọrọ̀ ajé wọn sún kì ní 2024. Ẹ rí i pé mi ò sọ pé Bòtswánà kì í ṣe àpẹẹrẹ, mo sọ ohun tó jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀ gan-an. Nọ́wè, gbólóhùn kan: wọ́n ti ní òfin ìlú láti 1814, epo dé ní 1969.

Ọ̀rọ̀ aago wá kù. Ìṣẹ́jú 45. Mo fi 6 ṣètò, mo sì bẹ̀rẹ̀ ètò náà láti ìsàlẹ̀: mo kọ́kọ́ kọ èsì mi ní gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà alátakò, lẹ́yìn náà ni ohun tí mo dúró lé, torí ohun tí mo dúró lé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí èsì náà lè gbè. Tí mo bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kọ ohun tó tóbi ju ohun tí mo lè gbèjà lọ. Ìṣẹ́jú 4 fún ìbẹ̀rẹ̀, 12 fún àrùn Họ́láńdì, 9 fún alátakò, 10 fún èsì, 4 fún ìparí àti kíkà á padà. Ẹ wò ó, alátakò àti èsì jẹ́ 19, ó ju ti èmi fúnra mi lọ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ pín in, àmọ́ ìbéèrè náà béèrè nǹkan mẹ́ta, méjì nínú wọn jẹ́ ti alátakò. Mo fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, mo kọ 22 síbẹ̀: tí aago bá ti lu ìṣẹ́jú 22, alátakò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ mi ò bá tilẹ̀ tíì parí. Lọ́jọ́ náà, mo gé gbólóhùn kan tàbí méjì nípa owó orí kúrò torí ìlà yẹn, mi ò padà sí i mọ́.

Orúkọ Brunnschweiler yẹn, ó dà rú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngán ìdánwò, mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo kọ "Bulte àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, 2008", mo tẹ̀ síwájú. Wọn ò yọ máàkì lórí ìyẹn.

Mo gba 18. Lẹ́kítúrà kan náà ló máàkì ẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí mo ti sọ pé lórí ìwọ̀n òótọ́ ni wọ́n sọ: ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ "ó dára". Ibi tó ti yọ máàkì ni ti owó orí tí mo gé yẹn, ó ní mo dárúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ mi ò sì ṣàlàyé rẹ̀, òótọ́ ni, ó yẹ kí n ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí mo dúró lé nígbà tí mo rí i pé àkókò ò ní gbà á.

Mo mú ìwé náà lọ sí Ìyàmoyè ní ìgbà ìsinmi, mo túmọ̀ ibi kòkó fún bàbá mi. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìparí. Wọ́n ní ọdún tí mo dárúkọ yẹn, 1987, ọdún yẹn ni àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi àgbà gbé àdá wọ inú igbó tó ti bo oko náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣán an kí wọ́n tó rí ìdí kòkó.